Gíráàfù yìnyín tó di oru omi: ohun tí ibi tó tẹ́jú ń sọ

Bí iná bá ń jó lábẹ́ yìnyín láìdáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa retí pé ìlà gíráàfù yóò máa gòkè lọ gbọnrangandan. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìlà náà á gòkè, á tẹ́, á tún gòkè, á tún tẹ́. Ibi méjèèjì tó tẹ́ yìí ló sọ ọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo gíráàfù náà.

Ẹ jẹ́ ká mú yìnyín 100 g tó wà ní −20°C, kí híítà máa fún un ní agbára ooru 200 J ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ká sì gbà fún ìgbà díẹ̀ pé ooru kankan ò ṣòfò. Àkókò ló ń lọ sórí ìlà ìbú, nítorí àwa la yan ìgbà tí a ó wo tẹmómítà. Ohun tí tẹmómítà bá sọ ló ń lọ sórí ìlà òòró. Ìlà òòró gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti −20°C: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 0 ti gé apá àkọ́kọ́ dànù. Tí sẹ̀ǹtímítà méjì bá dúró fún 20°C lókè, tó sì dúró fún 200 s ní ìbú, gbogbo rẹ̀ á gba ojú pépà kan.

Apá àkọ́kọ́ yá kíákíá. Gíráàmù yìnyín kan ń fẹ́ nǹkan bí 2.1 J kó tó fi 1°C gbóná sí i, nítorí náà 100 g yóò dé 0°C láàárín 21 s. Ẹni tó bá ń ka tẹmómítà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá síra kò ní rí apá yìí rárá. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ló yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọgbọ̀n ti tó.

Láti 21 s títí dé 188 s, tẹmómítà ò kúrò ní 0°C. Híítà ò ṣíwọ́ o. Agbára tó ń wọlé ń tú ìdè tó so àwọn ègé kéékèèké omi pọ̀ nínú yìnyín; kò mú kí wọ́n yára sí i, ìyára yẹn sì ni tẹmómítà ń wọ̀n. Yìnyín àti omi jọ wà nínú bíkà ní gbogbo àkókò yìí. Ẹ wo bí gígùn ibi tó tẹ́ ṣe di ìwọ̀n agbára:

167 s × 200 J/s = 33,400 J
33,400 J ÷ 100 g = 334 J/g

Nígbà tí yìnyín bá tán, ìlà á tún gòkè, ṣùgbọ́n kò ní dúró ṣánṣán tó ti àkọ́kọ́. Omi ń fẹ́ 4.2 J/g fún 1°C, ìlọ́po méjì ti yìnyín, nítorí náà ìgòkè rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti yìnyín. Ní 398 s, omi ti dé 100°C. Ìlà tún tẹ́, lọ́tẹ̀ yìí fún 1,130 s. Yíyọ́ kàn ń tú ìdè díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí omi tó di oru, gbogbo ègé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ya ara wọn pátápátá. Ìyẹn gba nǹkan bí 2,260 J/g, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ti yíyọ́. Òun náà ló fà á tí oru omi fi ń bó awọ ara ju omi híhó lọ: ó ń dá gbogbo agbára yẹn padà bó ṣe ń di omi lára ẹni.

Ẹ fi rúlà fa ìlà tààrà fún apá kọ̀ọ̀kan, kó gba àárín àwọn àmì kọjá. Bí a bá ń so àmì kan mọ́ èkejì, igun tí yìnyín ti tán á pòórá.

Tí ibi tó yẹ kó tẹ́ ní 0°C bá ń yọ́ gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yìnyín ò wẹ́, a ò rò ó, tàbí pé orí tẹmómítà fara kan ìsàlẹ̀ bíkà tó gbóná. Tó bá tẹ́ nísàlẹ̀ 0°C, iyọ̀ tàbí ohun mìíràn lè ti wọ inú yìnyín. Ní Jos, tó ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 m, omi á hó ní nǹkan bí 96°C. Kì í ṣe àṣìṣe, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni kò tẹ omi tó ti Èkó.

Ìgòkè ìkẹyìn, níbi tí oru omi ti ń kọjá 100°C, kì í hàn nínú bíkà tó ṣí sílẹ̀, nítorí oru náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Inú ohun tó bá há oru mọ́ nìkan ló ti ń hàn. Bí àmì bá parí sí 100°C, ẹ jẹ́ kí ìlà náà parí síbẹ̀.

Ooru tó ń ṣòfò náà ń yí ìdáhùn padà. Ní 0°C, afẹ́fẹ́ inú yàrá ń ran yìnyín lọ́wọ́ láti yọ́, nítorí náà ibi tó tẹ́ á kúrú, ìṣirò á sì fúnni ní iye tó kéré sí 334. Ní 100°C, bíkà ló ń tú ooru sínú yàrá. Bí híhó bá wá gba 1,250 s dípò 1,130, ìṣirò á sọ pé 2,500 J/g ni. Ohun tó fi ju 2,260 lọ ni ooru tó bá yàrá lọ.