Ẹ Yéé Kọ "Oríṣiríṣi" Sínú Àtẹ Ìnáwó

"Owó ẹ̀rọ: 2,000,000. Owó ọjà: 700,000. Oríṣiríṣi: 300,000." Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà géérégé. Báyìí ni onígàrí tó fẹ́ yáwó ṣe ń kọ ọ́ wá láti Ìlọrin, báyìí ni ti aládìyẹ Ọ̀fà, báyìí náà ni ti aránṣọ Òmù-Àrán, àfi bí ẹni pé ọwọ́ kan ló kọ gbogbo wọn. Òótọ́ sì ni. Àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ń ta ìwé ètò òwò bí ẹni ń ta kúlíkúlí ló ń yọ orúkọ ẹni àná kúrò, tí wọ́n ń fi tiyín sí i. Ẹ ó wá rí ìwé onígàrí tí "oúnjẹ adìyẹ" ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú onígàrí kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Obìnrin méjì ló ń bá a yan gàrí lórí agbada méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yan 50 kílò lójúmọ́. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ti ń san owó rin ẹ̀gẹ́. Ó fẹ́ kí gàrí òun di ìlọ́po méjì, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun ra ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ tòun. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn máa ń rò, nítorí pé ẹ̀rọ ń pariwo, ojú àlejò sì ń tó o.

Ṣùgbọ́n ibo ni iṣẹ́ ti ń há? Kí ẹ tó kọ iye kankan, ẹ lọ dúró níbi iṣẹ́ náà nírọ̀lẹ́. Bí àpò ẹ̀gẹ́ rírin bá tò jọ tí wọ́n ń dúró de jáàkì, ibi fífún ló há. Bí èyí tí wọ́n ti fún gbẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí ilẹ̀ fi ṣú, ibi yíyan ni. Ti obìnrin wa yìí, ibi yíyan ló há. Ẹ̀rọ aládùúgbò rẹ̀ kò tíì kọ̀ ọ́ lẹ́yìn rí. Bó bá ra ẹ̀rọ tirẹ̀, yóò rin ẹ̀gẹ́ òwúrọ̀ tán ní wákàtí kan, ẹ̀rọ náà yóò sì jókòó di ọjọ́ kejì. 100 kílò gàrí rẹ̀ kò ní fi kóńgò kan lé sí i.

Torí náà, a pa ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ rẹ́, a sì tún àtẹ rẹ̀ tò. Ìfúngàrí wà níbẹ̀, torí bí yíyan bá di ìlọ́po méjì, ibi fífún ló máa há tẹ̀lé e. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí mo lò, ẹ má gbé wọn lọ sọ́jà.

| Ohun tí owó rà | Ìṣirò | Náírà |
|---|---|---|
| Agbada pẹ̀lú ààrò àti ọ̀nà èéfín | 2 × 180,000 | 360,000 |
| Ìfúngàrí onírin àti jáàkì rẹ̀ | 1 × 240,000 | 240,000 |
| Òrùlé àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì fún ibi ìyangàrí | iye tí bíríkìlà kọ sílẹ̀ | 500,000 |
| Obìnrin méjì tí yóò máa yan | 2 × 70,000 × oṣù 2 | 280,000 |
| Ẹ̀gẹ́ | tọ́ọ̀nù 5.4 × 60,000 | 324,000 |
| Pàjáwìrì | ìdá 5 nínú 100 lórí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ | 55,000 |

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,759,000. Mílíọ̀nù mẹ́ta ló fẹ́ lọ tọrọ tẹ́lẹ̀! Gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kù díẹ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ka orí.

Ìlà ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, òun ni wọ́n máa ń bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ "owó ọjà". Gàrí 100 kílò tó fẹ́ fi kún tirẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí 450 kílò ẹ̀gẹ́ lójúmọ́, torí pé kílò gàrí kan ń gba ẹ̀gẹ́ kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 2.7, ọ̀sẹ̀ méjì sì jẹ́ 5.4. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì? Láti ọjọ́ tó bá sanwó ẹ̀gẹ́, kíkan àti fífún yóò gba bí ọjọ́ mẹ́ta, yíyan àti kíkó lọ sí ọjà Ìpàtà yóò gba méjì, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan sanwó. Ọjọ́ méjìlá nìyẹn kí owó tó padà wọlé. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń sanwó lójú ẹsẹ̀ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń jẹ ní gbèsè oṣù kan yóò fi kún un. Ẹ̀gẹ́ tó ń rà tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí, gàrí àná ló ń ra ìyẹn.

Ti òṣìṣẹ́ náà, oṣù méjì ni, kì í ṣe ọdún kan. Lẹ́yìn oṣù méjì gàrí tí wọ́n yan gbọ́dọ̀ lè san owó wọn. Bí kò bá lè san án, owó yíyá kò ní wò ó sàn. 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin 2024 fi lélẹ̀. Òfin náà kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bí ẹ bá sì ń sanwó lórí iye tí wọ́n yan, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní kì í ṣe dáadáa kéèyàn tú gbogbo àṣírí owó rẹ̀ síta, kí ojú ayé má baà wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti wí fún àwọn pé kí iye náà parí sí méje. Ẹni tó fẹ́ yá yín lówó kò wo méje, ohun tí yóò rí bó bá dé ìsọ̀ yín lóṣù kẹta ló ń wò. Agbada méjì, yóò kà á. Òrùlé, yóò gbójú sókè wò ó. "Oríṣiríṣi" ńkọ́? Ibo ni yóò gbójú sí? Pàjáwìrì tèmi kì í ṣe oríṣiríṣi tí wọ́n wọṣọ fún. Orí nǹkan tí iye rẹ̀ lè gun òkè kí wọ́n tó kọ́ ọ tán nìkan ló dá lé, kò kan owó oṣù rárá.

Ní Ìlọrin ńbí, ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ fi ọwọ́ kan owó èlé, mùrábáhà ni wọ́n ń bá lọ. Nínú mùrábáhà, olówó fúnra rẹ̀ ló ń ra ọjà náà, yóò wá tà á fún yín, yóò sì sọ èrè tó fi lé e. Jáàkì ṣeé rà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà ṣeé rà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò ṣeé rà kí wọ́n tún un tà, torí náà ẹ wá ìlà yẹn gbà níbòmíràn kí ẹ tó lọ jókòó níwájú wọn.

Bí owó tí ẹ rí kò bá pé ńkọ́? Ẹ má gé gbogbo ìlà sí méjì bí ẹni gé iṣu. Ààbọ̀ òrùlé kò gba òjò dúró. Agbada kan, òṣìṣẹ́ kan àti ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n jọ ń rìn: 180,000, 140,000 àti 162,000. Ẹ fi wọ́n lé òrùlé àti ìfúngàrí, tí pàjáwìrì rẹ̀ bọ́ sí 46,000, ẹ ó rí 1,268,000. Ìyẹn ni ìpele tó kéré jù tí iṣẹ́ fi lè yí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ yá yín kò bá tó o, ẹ má gbà á, torí agbada tí kò rí ẹ̀gẹ́ yan kò lè san gbèsè ara rẹ̀.

Ìwé iye owó tí ẹ gbà lọ́dọ̀ wẹ́dà àti bíríkìlà ni kí ẹ so mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí déètì wà lára rẹ̀, àti ọjọ́ tí iye náà ń bà jẹ́. Kó sọ ẹni tí yóò gbé ọjà dé Àjàṣẹ́, kó sọ tọ́ọ̀nù tí jáàkì lè gbé, kó sì sọ bóyá owó orí ọjà 7.5 nínú 100 ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó ìwé mẹ́ta wá láti ìsọ̀ mẹ́ta, tí bírò kan náà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí àṣìṣe kan náà sì wà nínú wọn, ẹni tó ń kà á yóò mọ̀.