Ibi tí páìpù gọ́tà yín ń da omi sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀pọ̀ onílé máa ń náwó sórí gọ́tà òrùlé, wọn kò sì ní wo ibi tí páìpù rẹ̀ ń da omi sí. Gọ́tà kì í lé omi kúrò nínú ọgbà. Ńṣe ló ń kó o jọ. Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ tí ì bá ta sílẹ̀ káàkiri ẹ̀gbẹ́ ilé, gọ́tà á kó gbogbo rẹ̀ dà sójú kan ṣoṣo. Bí ojú kan náà bá jẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, ìpìlẹ̀ igun yẹn ni yóò máa mu omi òrùlé lọ́dọọdún.

Ilé kan tí wọ́n pè mí sí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó sì pín sí méjì: ìdajì dà síwájú, ìdajì dà sẹ́yìn. Ògiri igun ẹ̀yìn ti là, ìlà náà sì ń gba ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù gòkè bí àtẹ̀gùn. Páìpù gọ́tà ẹ̀yìn parí sí ìdí igun yẹn gan-an. Ẹ ṣírò omi ibẹ̀ wò. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 1, lítà omi 1 ló máa bọ́ sórí gbogbo ibi tó gùn ní mítà 1 tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Òjò ńlá kan tó bá tó mìlímítà 40 yóò da lítà 4,800 sórí òrùlé yìí, ìdajì rẹ̀, ìyẹn lítà 2,400, ni yóò sì gba páìpù kan ṣoṣo bọ́ sí ìdí igun kan ṣoṣo.

Ohun tí omi náà ń ṣe nísàlẹ̀ wà lọ́wọ́ irú ilẹ̀ tí ilé jókòó lé. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì bó bá gbẹ. Bí gbogbo abẹ́ ilé bá jọ wú tó sì jọ súnkì, ilé lè fara dà á. Àmọ́ bí igun kan bá ń wú tí ìyókù dúró sójú kan, ògiri ni yóò san gbèsè rẹ̀, á sì là. Ní ti ilẹ̀ yanrìn, kì í wú, ṣùgbọ́n omi tó ń sáré lè máa kó yanrìn kékeré lọ lábẹ́ ìpìlẹ̀ títí ihò á fi wà níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ilẹ̀ tó yí ìpìlẹ̀ ká jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì tún dà padà nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Bí wọn kò bá gún un dáadáa, á rọ̀ wálẹ̀ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, á sì di kòtò tóóró tó ń gba omi dúró lẹ́bàá ògiri.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀ sí ju gọ́tà lọ. Ìwọ̀n tí a máa ń lò ni pé kí ilẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín mítà 3 àkọ́kọ́ sí ògiri. Bó bá jẹ́ kọnkéré lẹ fi tẹ́ ẹ, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan tó, nítorí omi kì í rì sínú rẹ̀. Kọnkéré tó bá dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀dọ̀ ilé, ó sàn kó má sí níbẹ̀ rárá. Láti wọ̀n ọ́n, ẹ wá rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, ẹ rọ omi sí i, kí ẹnì kan di orí kan mú sára ògiri, kí ẹlòmíì di orí kejì mú ní mítà 3 sí i. Ojú omi á dọ́gba ní orí méjèèjì, ẹ ó wá wọn bí ilẹ̀ ṣe jìn sí ojú omi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó há sínú rọ́bà, torí yóò ba ìwọ̀n jẹ́.

Nígbà tí a wọn ẹ̀yìn ilé tí mo ń sọ yìí, ilẹ̀ tó wà ní mítà 3 fi sẹ̀ǹtímítà 4 ga ju ti ẹsẹ̀ ògiri lọ. Ìyẹn ni pé omi ń padà wálé. Onílé fẹ́ kí á kó ilẹ̀ dà sí ẹsẹ̀ ògiri kó lè ga. Mo ní rárá. Lábẹ́ ògiri ilé, bíríkìlà máa ń tẹ́ ọ̀rá kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ gòkè, ó sì yẹ kí ilẹ̀ ìta fi sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, rẹlẹ̀ sí ọ̀rá yìí. Tirẹ̀ ti wà ní 15 gééré. Bí a bá kó ilẹ̀ bò ó, ògiri á máa fa ọ̀rinrin gba orí ọ̀rá náà, ọ̀dà inú ilé á sì máa bó.

Nítorí náà, gígé la gé ilẹ̀. Ní mítà 3 a ní láti gé sẹ̀ǹtímítà 19 kúrò: 4 tó fi ga, àti 15 tó yẹ kó fi rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ògiri nìkan la tún dí: a kó ilẹ̀ tó rọ̀ kúrò, a da ilẹ̀ amọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, a ń gún un kí a tó da òmíràn lé e, a sì fi í sílẹ̀ ní gíga tó wà tẹ́lẹ̀. Yanrìn kò dára níbẹ̀, torí omi á kàn gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá ìpìlẹ̀.

Ojú àgbàrá la wá là sí etí mítà 3 yẹn. Ó fẹ̀, kò jìn, etí rẹ̀ méjèèjì rọra dà gẹ̀rẹ́. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 20 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri, ó ń rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, nígbà tó fi rìn dé òpin ilé ní mítà 12, ó ti di 32. Láti ibẹ̀ ló ti yà síwájú, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, lọ bọ́ sínú gọ́tà ìta. Ẹ má ṣe dà á sí ọgbà aládùúgbò o. Páìpù òrùlé la fi páìpù mìíràn gùn dé inú ojú àgbàrá náà. Gọ́tà tòkè kò le: kó rọ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 5 lórí mítà kan lọ sí ọ̀dọ̀ páìpù, kí ẹ sì máa kó ewé inú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín dára, ẹ mú agboòrùn nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ yí ilé po. Omi tó dúró lẹ́bàá ògiri, ẹrẹ̀ tó ta sára ògiri, omi tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn gọ́tà wá sára pákó òrùlé: gbogbo wọn ló ń fi ibi tí ìṣòro wà hàn. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá ń rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá páìpù tó ń jò tàbí omi abẹ́ ilẹ̀, torí ìdàgẹ̀rẹ́ kò lè wo ìyẹn sàn.

Ní ti ògiri tó ti là, ẹ má tètè fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìgbà òjò kan àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣọ́ ọ. Bí kò bá kọjá ìlà yẹn, ẹ lè dí i. Bó bá ń gùn sí i, tàbí tó fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, tàbí tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti ń há, ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.