Sákíìtì: ìdí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò fi gbọdọ̀ bá gílóòbù pín wáyà kan

Sákíìtì ni ọ̀nà tí iná ń gbà kúrò nínú àpótí bíréékà lọ síbi tí a ti ń lò ó, tó sì tún ń gbà padà. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ àti bíréékà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé rò pé fíríìjì tàbí tẹlifíṣàn ni bíréékà ń ṣọ́. Rárá o, wáyà inú ògiri ló ń ṣọ́.

Ní Ìkòròdú, ìyá kan pè mí pé gílóòbù pálọ̀ òun máa ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ki kẹ́tù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó gbóná, etí ihò rẹ̀ sì ti ń dúdú. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé ara wáyà gílóòbù, tí ìnípọn bàbà rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm², ni wọ́n ti fa sọ́kẹ́ẹ̀tì, bíréékà 32 áńpíà ló sì ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kẹ́tù ń gba 2000 wáàtì, sítóòfù oníná 1500, áyọ́ọ̀nù 1200. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4700. Bí a bá fi 230 fóòtì pín in, ó lé díẹ̀ ní 20 áńpíà. Wáyà 1.5 tó wà nínú páìpù kò yẹ kó gbé ju bíi 14 sí 17 lọ. Ṣùgbọ́n 20 kò tó ohun tí bíréékà 32 máa torí rẹ̀ já, nítorí náà wáyà ń gbóná lábẹ́ ògiri, rọ́bà rẹ̀ ń gan, ó ń sán, títí bàbà fi máa kan bàbà. Bí bíréékà bá ń já, ẹ má ṣe fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ láé.

A fi gílóòbù sílẹ̀ lórí 1.5 pẹ̀lú bíréékà 10. A fa wáyà 2.5 tuntun fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣíìnì, a tún fa òmíràn fún ti àwọn yàrá, bíréékà 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kíṣíìnì bá já lóru báyìí, iná ò ní kú lórí àtẹ̀gùn.

Ó ku wáyà ilẹ̀, áàtì. Ọ̀pá bàbà wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó, 20 óòmù ni. Bí wáyà bá bó kan ara fíríìjì, iná tó máa gba inú ilẹ̀ yẹn kọjá kò ju 11.5 áńpíà lọ. Bíréékà 20 kò ní já, ara fíríìjì á sì máa gbé iná títí ọmọ á fi dì í mú. Níbi tí ilẹ̀ jẹ́ iyanrìn, bíi etí òkun Àgbádárìgì, ilẹ̀ máa ń dí iná lọ́nà jù bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyí tí a fi so RCCB 30 mA mọ́ ọn, èyí tó máa ń já bí ìwọ̀nba iná díẹ̀ bá ti ń sá lọ sínú ilẹ̀. Mo fi bọ́tìnì T ara rẹ̀ han ìyá náà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná wà, tí kò sì já, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.