Kọsítọ́mà ló ra aṣọ wá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó rírán ni tìẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo bá yà sí l'Óṣogbo, l'Ókè-Fìà ni o, l'ọ́jà Ìgbọ̀nà ni o, nǹkan kan náà ni wọ́n á sọ: "Kọsítọ́mà ló ra aṣọ ẹ̀ wá, kí ni mo wá ná? Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀." Torí ẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye aṣọ tó máa gbé bùkátà ṣọ́ọ̀bù l'óṣù kan, wọ́n á kó ìnáwó oṣù jọ, wọ́n á sì fi owó rírán pín in.

Ká ní télọ̀ kan ń ná 60,000 náírà l'óṣù, bó ríṣẹ́ bí ò ríṣẹ́. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 15,000 nínú ẹ̀, iná àti títún maṣíìnì ṣe jẹ́ 15,000, òun fúnra ẹ̀ sì ń mú 30,000 jẹun. Ó ń gba 6,000 lórí gáùn, ó wá ní tóun bá ti rán mẹ́wàá, ó parí.

Ta ló wá ra òwú, láínì, síìpù àti gọ́ọ̀mù-sítéè? Ká fi wọ́n sí 1,500 lórí gáùn kan, kó sì tún san 1,500 fún ẹni tó ń bá a rán an. 3,000 péré ló kù tó lè wọnú owó ṣọ́ọ̀bù. 3,000 yẹn la máa fi pín 60,000, ó sì jẹ́ gáùn 20. Ní gáùn mẹ́wàá, 30,000 ló ṣì kù kí ìnáwó oṣù tó pé.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn jù ni epo jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lò ń tan jẹnẹrétọ̀ yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí, ìnáwó oṣù nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìgbà tó o bá fẹ́ rán aṣọ tàbí lọ̀ ọ́ nìkan lò ń tan án, orí gáùn ló wà. Ká ní ó gba 500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2,500 ló kù, gáùn 20 á sì di 24. Tó ò bá mọ iye ẹ̀, kọ ọjọ́ tó o ra epo sílẹ̀, ka aṣọ tó o rán títí tó fi tán, kó o fi pín owó epo. Bó o ṣe máa ṣe ti òwú náà nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó lè fojú díwọ̀n òwú.

Mi ò sọ pé 20 yẹn máa bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù mu o. Bùbá ò jẹ láínì bíi ti gáùn, iṣẹ́ á pọ̀ n'Íléyá, á sì fà sẹ́yìn lẹ́yìn ẹ̀, torí náà ti ọdún kan lè dáa ju toṣù kan lọ: 720,000, gáùn 240.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún owó tẹ́ ẹ máa ń gé kí kọsítọ́mà má bàa lọ. Ká padà sí ìṣirò tí ò sí epo nínú ẹ̀: tó o bá gba 5,000 dípò 6,000, òwú àti láínì ò dínkù, 2,000 ló kù sí ẹ lọ́wọ́, gáùn 20 sì ti di 30.