Kí ló dé tí kọ́mẹ́ǹtì yín fi wà nísàlẹ̀? Ìyàtọ̀ «New», «Top» àti «Best»

Ẹ kọ kọ́mẹ́ǹtì síbi tí èrò ti pọ̀, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, ẹ wá a tì lókè. Ìgbà tí ẹ tó rí i, ó ti wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé e pa mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò ni, ìṣirò náà ò sì le. Ẹ jẹ́ ká fi Reddit, ìkànnì tí èrò ti ń jíròrò, ṣe àpẹẹrẹ, torí pé wọ́n ti ṣàlàyé tiwọn fáráyé.

Níbẹ̀, ọfà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́mẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan: èyí tó kọjú sókè jẹ́ ìbò rere, èyí tó kọjú sílẹ̀ jẹ́ ìbò àìfẹ́. Bí ẹ bá yan «New», aago nìkan ni wọ́n ń wò: èyí tó dé kẹ́yìn ló wà lókè. Bí ẹ bá yan «Top», wọ́n á yọ ìbò àìfẹ́ kúrò nínú ìbò rere, èyí tí tiẹ̀ bá ṣẹ́kù jù ló máa ṣáájú. Ibi tí «Top» ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹni tó tètè dé ló ń jẹ gbogbo àǹfààní. Wọ́n rí i, wọ́n dìbò fún un, ó gòkè. Bó ṣe gòkè, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà tún rí i, wọ́n tún dìbò. Ẹni tó dé ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ dára jù, kò lè bá a mọ́.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé «Best» jáde lọ́dún 2009. Ìlànà tí Edwin B. Wilson, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ jáde lọ́dún 1927 ni wọ́n lò. Ìbéèrè tó ń bi ni pé: ká ní gbogbo èèyàn ló dìbò, ìdá mélòó ló máa jẹ́ ìbò rere? Bí ìbò bá ṣì kéré, ìlànà náà kì í tíì gbára lé e, ó sì máa ń fún kọ́mẹ́ǹtì náà ní iye tó rẹlẹ̀. Bí kọ́mẹ́ǹtì kò bá ní ìbò àìfẹ́ kankan, ẹ lè fi fóònù ṣírò iye náà. Nínú kóòdù tí Reddit ṣí sílẹ̀ fáráyé, ó já sí báyìí:

```
n / (n + 1.64)
```

`n` ni iye ìbò rere. Bí ìbò àìfẹ́ bá ti wọ̀ ọ́, ìṣirò náà gùn ju èyí lọ, àmọ́ èrò kan náà ni.

Ẹ wo kọ́mẹ́ǹtì mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ní ìbò rere 40 àti àìfẹ́ 20. Èkejì ní rere 10 àti àìfẹ́ 1. Tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìbò 1 péré ló ní, èyí tí Reddit fi sí i lórúkọ yín. Lábẹ́ «Top», àkọ́kọ́ ló ṣáájú pẹ̀lú 20, èkejì tẹ̀ lé e pẹ̀lú 9. Lábẹ́ «Best», èkejì gba 0.74, àkọ́kọ́ gba 0.59, tiyín gba 0.38. Ìsàlẹ̀ náà lẹ ṣì wà, àmọ́ ọ̀nà ò jìn mọ́. Bí ẹni méjì bá dìbò rere fún yín, ìbò yín di 3, ẹ gba 0.65, ẹ sì ti kọjá ẹni tó ní ìbò 60 lápapọ̀. Ó di 5 kẹ́ ẹ tó kọjá èkejì, pẹ̀lú 0.75.

Ọ̀rọ̀ náà lójú òdì o. Bó bá jẹ́ ìbò àìfẹ́ kan ló kọ́kọ́ kàn yín, 0.38 á já wá sí 0.16. Ìbò àkọ́kọ́ méjì tàbí mẹ́ta wúwo ju ọgbọ̀n tó bá dé lẹ́yìn lọ. Ẹ sì rí i pé aago kò sí nínú ìṣirò «Best» rárá. Pípẹ́ kọ́ ló ń fa kọ́mẹ́ǹtì sílẹ̀. Àìrí ẹni tó máa yí ojú ìwé débẹ̀ kó dìbò ni. Èsì tí ẹ bá kọ sábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì tó ti wà lókè máa ń tètè hàn nítorí èyí: àwọn èsì ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń bá díje. Reddit máa ń da iye ìbò tó hàn rú díẹ̀, nítorí náà ìfojúbù ni ohun tí ẹ bá ṣírò.

YouTube kò sọ ìṣirò «Top» tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní tiwọn, kọ́mẹ́ǹtì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè hàn lókè lójú tiyín, kó má sì rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹlòmíràn. Kẹ́ ẹ lè mọ òótọ́, ẹ ṣí fídíò náà níbi tí ẹ kò ti wọ àkáǹtì yín, kí ẹ yan «Newest». Bó bá wà níbẹ̀, tó sì ṣòro láti rí lábẹ́ «Top», ètò títò ló gbé e sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní títò: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́, tàbí kó wà lára èyí tí wọ́n dá dúró kí ẹni tó ni ìkànnì yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn «Held for review».