Ta Ló Ń Jí Ẹ̀gbọ́n Mi Láago Mẹ́ta Òru?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa takisí ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta níbí. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, á ṣí ìgò bíà ńlá méjì. Kó tó di mọ́kànlá, ó ti ń hanrun. "Àbúrò, láìsí èyí, mi ò lè fojú ba oorun." Òótọ́ ni, oorun ń tètè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ojú rẹ̀ á là kedere, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó. Ó ní àìrówó ló ń jí òun. Èmi ò gbà. Bíà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìgò bíà bá gba sẹ́ńtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ọtí pọ́ńbélé inú rẹ̀ tó gíráàmù 24. Ara kò dọ́gba o, àmọ́ ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà sábà máa ń palẹ̀ gíráàmù 7 sí 8 mọ́ ní wákàtí kan. Ìgò kan, wákàtí mẹ́ta. Ìgò méjì, mẹ́fà. Ẹ kà á láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí ọtí ṣì wà lára, ó tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, ó sì lé oorun tí a fi ń lálàá sẹ́yìn. Bó ṣe ń tán, ọpọlọ á ta padà bí rọ́bà tí a fà: oorun á fẹ́lẹ́, àlá á dàrú, ìtọ̀ á sì máa gbọ̀n ọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi Píríton rọ́pò bíà. Oògùn ara yíyún ni, kì í ṣe ti oorun. Hísítamíìnì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ wà lójúfò. Píríton ló ń dí i lọ́nà, ni ojú fi ń wúwo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í tètè kúrò lára. Ó lè tó nǹkan bí wákàtí 20 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Èyí tó bá lò láago mẹ́wàá alẹ́ á ṣì wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó bá ń wakọ̀ gba Pánṣẹ́kẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara sì ti lè mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lára, kò ní gbé e sùn mọ́, ni yóò bá di méjì, mẹ́ta. Fún bàbá àgbà, ó lè dí ìtọ̀ tàbí kó da iyè rú. Ẹni tó bá sì pa á pọ̀ mọ́ ọtí, èémí rẹ̀ lè falẹ̀ lójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n kò lo Píríton. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá mu ọtí kò gbọdọ̀ ṣàdédé jáwọ́ nínú rẹ̀, kó lọ rí dókítà. Ti ẹ̀gbọ́n ò tíì débẹ̀. Ìgò kan ló ń mu báyìí, láago mẹ́fà, lẹ́yìn tó bá ti gbé mọ́tò sílé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń wo àjà títí di òru. Lánàá, ó ní ìpè àsùbáà ló jí òun.