Fótò ẹ̀gbẹ́ ò lè sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ẹṣin tọ́

Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn tó fẹ́ ra ẹṣin á ti máa wá a kiri, oníṣòwò kan lókè Ọya á wá fi fótò kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí Wáàsápù, ẹṣin yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, làwọn èèyàn á bá bẹ̀rẹ̀: "ẹsẹ̀ ẹ̀ tọ́ gan-an o", "rárá, ẹ̀yìn ẹ̀ ti rì, ẹ má rà á". Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí gbogbo ìyẹn?

Bóyá pátákò iwájú kọjú síta àbí ó wọ inú, bóyá oríkèé ńlá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fẹ́ máa kan ara wọn, àfi tó o bá dúró síwájú ẹ̀ tàbí sẹ́yìn ẹ̀ lo fi máa mọ̀. Ohun tó hàn láti ẹ̀gbẹ́ ni bóyá ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ìyẹn náà sì tún ku bó ṣe dúró.

Ẹ wo ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù, pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n máa ń fa ìlà kan wálẹ̀ ṣánṣán láti ṣóńṣó egungun ìdí, ó yẹ kó kan ẹ̀yìn oríkèé ńlá yẹn, kó sì bá ẹ̀yìn egungun abẹ́ ẹ̀ lọ sílẹ̀. Àmọ́ ìlà yẹn ò wúlò àyàfi tí egungun abẹ́ yẹn bá dúró ṣánṣán. Ẹṣin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní nǹkan kan, tó bá ti gbé e síwájú díẹ̀ sábẹ́ ikùn, egungun yẹn á dà, dòjé á yọ lójú fótò. Torí náà egungun yẹn ni kó o kọ́kọ́ wò, tó bá ti dà, má dá ẹjọ́ kankan, ní kí wọ́n tún un dúró kí wọ́n yà á míì. Tó bá wá dúró ṣánṣán tí oríkèé yẹn ṣì yọ sẹ́yìn ìlà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ti ẹ̀yìn tó rì, wo orí ẹ̀ ná. Tí ẹni tó di ìjánu mú bá fa orí sókè kí ẹṣin lè rí bíi ti ọba, ẹ̀yìn á lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ tó dagun náà ń ṣe tiẹ̀, ìdí á dà bí ẹni pé ó ga ju èjìká lọ. Fóònù ló wá burú jù, tí ayàwòrán bá sún mọ́ ọn lápá orí, orí á tóbi, ìdí á kéré. Kó sún sẹ́yìn dáadáa, kó fi súùmù fà á, kó gbé fóònù sí déédéé àárín ikùn.

Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tún yàtọ̀ o, èjìká ẹ̀ kì í ga bíi ti ẹṣin, ẹ̀yìn ẹ̀ sì máa ń tẹ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ má fi òfin ẹṣin dá a lẹ́bi.

Tó o bá fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe rí, ní kí wọ́n bọ́ gàárì, kí wọ́n ya iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n sì ṣe fídíò ibi tó ti ń rìn bọ̀ tààrà àti ibi tó ti ń lọ, lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú. Tí oníṣòwò bá ní òun ò ní dátà, fi ránṣẹ́ sí i.